Sífíì Ojú-Ìwé Kan: Ṣé Ojú Lè Tètè Rí Ohun Tó Ń Wá Níbẹ̀?

 Lẹ́yìn ìdánwò, kí èsì tó jáde, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà ní ọdún kẹta girama àgbà ló máa wá iṣẹ́ díẹ̀ ṣe: ní ilé ìtajà oògùn, ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, ní ilé ìtẹ̀wé, tàbí ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín níbẹ̀ ni, "Sífíì ẹ dà?" Ìwé yẹn náà ló máa kọ́kọ́ wọlé lọ bá ọ̀gá, nígbà tí ẹ̀yin ṣì wà níta.

Àpilẹ̀kọ yìí kò fẹ́ kọ́ yín ní èdè tí ẹ máa kọ sínú ẹ̀. Bí ojú-ìwé náà ṣe rí ni a fẹ́ yẹ̀ wò: bí a ṣe pín in, ààyè tí a fi sí etí ẹ̀, àti àwọ̀ tí a lò. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jáde lọ́dún tó kọjá gbà kí a fi tiẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. A ti yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, Lágbájá la fi rọ́pò ẹ̀. A lẹ ẹ̀dà àtijọ́ àti ẹ̀dà tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ yìí lára ògiri. Ẹ máa wò wọ́n bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Bí wọ́n ṣe ń wo sífíì

Ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ kì í jókòó ka sífíì bí ẹni ń ka ìwé ìtàn. Ìdìpọ̀ ló wà níwájú ẹ̀. Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń bá àwọn èèyàn wá iṣẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń tọ ipa ojú wo àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣa sífíì. Wọ́n rí i pé, ní ìpíndọ́gba, ìṣẹ́jú-àáyá 7.4 ni wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ wo ọ̀kan. Ẹ ka oókan títí dé eéje kí ẹ wò ó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìwò àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ń pinnu èyí tí wọ́n máa fara balẹ̀ kà àti èyí tí wọ́n máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nínú ìwò àkọ́kọ́ yìí, ojú máa ń gba apá òsì ìwé sọ̀kalẹ̀. Ó máa dúró níbi àkòrí tó hàn, ó máa yà sápá ọ̀tún díẹ̀, á tún sọ̀kalẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá dì gbàgì bí ẹ̀kọ tútù, ńṣe ni ojú máa fò ó. Nítorí náà, ìbéèrè tí a fi yẹ sífíì Lágbájá wò kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ojú tó ń sáré lè rí orúkọ, ìwé-ẹ̀rí, iṣẹ́ tó ti ṣe rí àti nọ́ńbà fóònù, láì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá wọn kiri?

Ohun tí a bá nínú ẹ̀dà àtijọ́

Iṣẹ́ tí Lágbájá ń wá ni ti ẹni tó máa dúró ti ọjà ní ilé ìtajà oògùn. Ojú-ìwé kan ni sífíì ẹ̀, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkè ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ méjì tí ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́ fi lẹ́tà gàgàrà aláwọ̀ pupa kọ síbẹ̀ kàn ń sọ pé sífíì ni sífíì jẹ́. Abẹ́ ẹ̀ ni orúkọ Lágbájá wà, pẹ̀lú lẹ́tà kékeré. Àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù àti í-meèlì wà ní àwọ̀ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ojú ọ̀run lásìkò ọyẹ́. Wọ́n ya òdòdó yí ojú-ìwé náà ká bíi káàdì ìgbéyàwó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlà mẹ́wàá tó ń sọ nípa ara ẹ̀: ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, pé kò tíì lọ́kọ, pé kò tíì bímọ, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ ló tẹ̀ lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi, tó fi jẹ́ pé ìwé mẹ́wàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ló kẹ́yìn. Iṣẹ́ tó ti ṣe rí wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo tó gùn gbọọrọ. Gbogbo àkòrí ló fà ní ìlà nídìí, tó sì fi àwọ̀ yẹ́lò kùn lẹ́yìn.

A ka ìlà tó wà lórí ìwé náà. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìwé A4 kan, tí máájìnì ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54 yíká, tí ìwọ̀n lẹ́tà ẹ̀ jẹ́ 11, tí àlàfo sì wà láàárín ìlà dáadáa, kò gbà ju bí ìlà márùnlélógójì lọ. Kí ìlà 63 lè wọ ojú-ìwé kan, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sọ lẹ́tà di 9, ó sì fún máájìnì pọ̀ di 1.27. Ó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé kà. Ìlà tí ó pọ̀jù ló yẹ kó dín kù, kì í ṣe lẹ́tà àti ààyè.

Pípín ojú-ìwé: ẹ pín ìlà bí ẹ ṣe ń pín owó

Ọ̀nà tí a fi tún un ṣe ni pé a gbà pé ìlà 45 ni owó tó wà lọ́wọ́ wa, a wá ń ná an. Orúkọ, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, gba ààyè ìlà méjì. Nọ́ńbà fóònù, í-meèlì àti àdúgbò wà lórí ìlà kan ṣoṣo lábẹ́ ẹ̀. Ìyẹn jẹ́ mẹ́ta. Gbólóhùn méjì tó sọ iṣẹ́ tó ń wá àti ìgbà tó lè bẹ̀rẹ̀ gba ìlà méjì, pẹ̀lú àlàfo kan. Ìyẹn di mẹ́fà.

Lẹ́yìn èyí ni ìpín mẹ́rin: Ẹ̀kọ́, Iṣẹ́, Ohun Tí Mo Mọ̀ Ọ́n Ṣe, àti Àwọn Tó Lè Jẹ́rìí Mi. Àkòrí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àlàfo òkè ẹ̀ gba ìlà méjì, ó jẹ́ mẹ́jọ. Ẹ̀kọ́ gba ìlà márùn-ún, Iṣẹ́ gba mẹ́wàá, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe gba mẹ́rin, àwọn ẹlẹ́rìí gba mẹ́rin. Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀: gbogbo ẹ̀ jẹ́ ìlà 37. Ìlà mẹ́jọ ló ṣẹ́kù, a ò sì wá ohunkóhun fi dí i. Ààyè òfìfo yẹn wúlò; òun ló ń jẹ́ kí ojú mọ ibi tí ìpín kan parí sí àti ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Kí wá ló lọ? Àwọn ọ̀rọ̀ méjì gàgàrà tó wà lókè lọ, orúkọ Lágbájá sì gba àyè wọn. Ìlà mẹ́wàá nípa ara ẹ̀ lọ, nítorí pé ilé oògùn kò fi ẹ̀sìn tàbí ọkọ yan ẹni tó máa dúró ti ọjà. Jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, torí ẹni tó ní ìwé mẹ́wàá, dandan ni kó ti gba ibẹ̀ kọjá. Eré ìdárayá tó fẹ́ràn náà lọ. Ìkìlọ̀ kan rèé o: bí ilé-iṣẹ́ ìjọba bá sọ pé kí ẹ kọ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ yín kò ṣeé fi pamọ́ nítorí pé ẹ fẹ́ kí ìwé rẹwà.

Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ló ń ṣáájú. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé mẹ́wàá ọdún tó kọjá, a sì fi Ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ẹ̀kọ́ nípa Ohun Ẹlẹ́mìí pẹ̀lú máàkì wọn sábẹ́ ẹ̀, nítorí pé ilé oògùn ló ń lọ. Ní ti Iṣẹ́, ohun tó wà nínú ìpínrọ̀ gbọọrọ yẹn tẹ́lẹ̀ ni pé "mo ti bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣiṣẹ́ rí." Nígbà tí a bi Lágbájá léèrè dáadáa, ó hàn pé ọdún méjì ló fi tajà ní ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ní gbogbo ìgbà ìsinmi. Ìlà àkọ́kọ́ ti wá di: "Olùtajà, ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ inú agolo, Bódìjà," ní lẹ́tà tó ki, tí ọdún sì wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún ìlà kan náà. Ìlà mẹ́ta kúkúrú ló tẹ̀ lé e: pé ó ń gba owó, ó sì ń fún oníbàárà ní ṣéńjì; pé ó ń kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé lálaalẹ́; pé ó ń wo déètì ara agolo, ó ń yọ èyí tí ọjọ́ ẹ̀ ti kọjá kúrò. Ẹ ò rí i pé ohun tí ilé oògùn ń wá gan-an ló wà nínú ẹ̀ látọjọ́ yìí? Ìpínrọ̀ gbọọrọ ló bò ó mọ́lẹ̀.

Àlàfo tó wà lókè àkòrí gbọ́dọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ ẹ̀ lọ. Nínú tiwa, a fi 12 sókè, a fi 4 sísàlẹ̀, níbi tí kọ̀ǹpútà kọ "Spacing Before" àti "After" sí. Ìdí ẹ̀ ni pé ohun tó bá sún mọ́ ara wọn ni ojú ń kà sí ọmọ ìyá kan náà. Bí àlàfo òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá dọ́gba, ńṣe ni àkòrí máa léfòó láàárín ìpín méjì, ojú ò ní mọ èyí tó ni ín. Ìwọ̀n lẹ́tà mẹ́ta péré la lò: 20 fún orúkọ, 13 fún àkòrí, 11 fún ìyókù. Irú lẹ́tà kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ẹ kíyè sí àwọn ọdún tó wà lápá ọ̀tún. Nínú ẹ̀dà àtijọ́, ńṣe ni wọ́n ń tẹ bọ́tìnì àlàfo léraléra kí ọdún tó dé ọ̀hún. Nítorí pé lẹ́tà kò fẹ̀ dọ́gba, àwọn ọdún náà rí wágunwàgun, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí wọ́n bá tún ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní irú lẹ́tà yẹn, gbogbo ẹ̀ máa fọ́nká ni. Ohun tó yẹ ni kí ẹ fi àmì "Right Tab" sí ìpẹ̀kun ọ̀tún lórí rúlà inú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá tẹ "Tab" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ọdún máa tò bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà àárọ̀.

Máájìnì: rúlà ló ń sọ òótọ́

Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tíṣà ti ń ní kí a fa máájìnì sínú ìwé. Ìdí tí sífíì fi nílò ẹ̀ ju ẹwà lọ. Ohun mẹ́ta ni máájìnì ń ṣe níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ó ń dín gígùn ìlà kù. Ìwé A4 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 21. Bí máájìnì bá jẹ́ 2.54 lápá òsì àti lápá ọ̀tún, ìlà tó kù fún ọ̀rọ̀ jẹ́ 15.92, tó máa gba nǹkan bíi lẹ́tà 85 ní ìwọ̀n 11. Nínú ẹ̀dà àtijọ́, ìlà fẹ̀ tó 18.46, lẹ́tà sì kéré, tó fi jẹ́ pé ìlà kan gba nǹkan bíi 120. Bí ojú bá ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ dópin, tó fẹ́ padà sápá òsì, ó rọrùn kó ṣìnà sórí ìlà tó ti kà tẹ́lẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lórí ẹ̀dà tó wà lára ògiri yìí, ẹ máa rí i.

Èkejì ni pé wọ́n máa lu sífíì yín níhò. Pafọréètọ̀ oníhò méjì tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì ń lu ihò tí àárín ẹ̀ wà ní mìlímítà 12 sí etí ìwé, ihò náà sì fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́fà. Ẹ ṣírò ẹ̀: ihò náà máa dé mìlímítà 15. Máájìnì Lágbájá jẹ́ 12.7. Ó túmọ̀ sí pé ihò máa jẹ lẹ́tà tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà, bí wọ́n bá sì ti fi ìwé náà sínú fáìlì, apá òsì gbogbo ìlà tún máa wọnú àpò ẹ̀yìn fáìlì. A fi sífíì àtijọ́ náà dán an wò: ihò ìsàlẹ̀ bọ́ sórí ìlà àwọn ẹlẹ́rìí, ó sì jẹ lẹ́tà méjì nínú orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Nítorí èyí, ẹ má jẹ́ kí máájìnì apá òsì kéré sí sẹ̀ǹtímítà méjì láéláé. Bí ààyè bá há, ẹ lè sọ ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ di méjì, ṣùgbọ́n ẹ fi ti òsì sílẹ̀ ní 2.54.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé púpọ̀ kì í lè tẹ̀ ẹ́ dé bèbè ìwé gan-an. Òdòdó tí wọ́n fi yí sífíì Lágbájá ká ti gé lápá ìsàlẹ̀ nítorí èyí, ó dà bí ọgbà tí ewúrẹ́ wọ̀.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Ẹ máa fi máájìnì sí 2.54 lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ bá sì fi rúlà wọn ìwé tó jáde, kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí "Layout", ẹ tẹ "Size". Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá "Letter" níbẹ̀. "Letter" ni ìwé tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà: ó fẹ̀ tó 21.59, ó sì ga tó 27.94. Ìwé A4 tí à ń rà níbí fẹ̀ tó 21, ó sì ga tó 29.7. Ìwé tó wà nínú kọ̀ǹpútà fi 0.59 fẹ̀ ju ìwé inú ẹ̀rọ lọ, ó sì fi 1.76 kúrú sí i. Nítorí náà, apá ọ̀tún máa há tàbí kí ẹ̀rọ fún gbogbo ẹ̀ kéré, ìsàlẹ̀ á sì ṣófo. Ẹ yí i sí "A4" kí ẹ tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan, torí bí ẹ bá yí i lẹ́yìn tí ẹ ti tò ó tán, ìlà yín máa rìn.

Àwọ̀: ẹyọ kan tó, dúdú ni ìkejì ẹ̀

Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà lórí ẹ̀dà àtijọ́, ti àwọ̀ ló dùn wá jù. Bí Lágbájá ṣe sọ, ẹ̀dà aláwọ̀ kan ló tẹ̀, torí pé títẹ̀ aláwọ̀ wọ́n. Fọ́tòkọ́pì dúdú àti funfun ló ṣe láti ara ẹ̀, òun ló sì pín kiri. A mú ọ̀kan lára fọ́tòkọ́pì náà wá wò. Búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi kọ nọ́ńbà fóònù ti di òjìji eérú lásán. Nọ́ńbà mẹ́ta nínú mọ́kànlá ni a kò lè kà. Kódà bí ilé oògùn bá fẹ́ràn ẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe máa pè é?

Ìdí ẹ̀ ni pé ẹ̀rọ dúdú àti funfun kò mọ pupa tàbí búlúù. Bí nǹkan ṣe mọ́lẹ̀ tó tàbí ṣókùnkùn tó ló mọ̀. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ máa di eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí kó pòórá pátápátá. Àwọ̀ tó ṣókùnkùn máa jáde bíi dúdú. Àwọn tó ń ṣètò ojú-ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní òṣùwọ̀n kan fún èyí, tó ń wọn bí lẹ́tà ṣe yàtọ̀ sí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Dúdú lórí funfun jẹ́ 21 sí 1, kò sí èyí tó jù ú lọ. Èyí tó kéré jù tí wọ́n gbà fún ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ni 4.5 sí 1. Yẹ́lò lórí funfun kò tó 1.1. Pupa tó ń tàn yòò pàápàá jẹ́ 4 péré, kò dé ojú òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n búlúù aró, irú ti aṣọ àdìrẹ tó rẹ dáadáa, jẹ́ nǹkan bí 16. Òun la mú.

Ibi tí a lò ó kò ju méjì lọ: orúkọ Lágbájá, àti àkòrí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ wọn. Gbogbo ìyókù, títí kan nọ́ńbà fóònù, dúdú ni. Àwọ̀ níbí ń ṣe iṣẹ́ kan: ó ń sọ fún ojú pé "ìpín tuntun rèé." Bí a bá tún fi í kun ọdún, orúkọ ilé-ìwé àti àmì orí ìlà, iṣẹ́ yẹn bàjẹ́, torí pé ojú ò ní mọ èyí tó ń pè é mọ́. Aago ilé-ìwé tó bá ń dún ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, ta ló máa dá a lóhùn?

Ẹ má sì fi àwọ̀ kun ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Yẹ́lò tó wà lẹ́yìn àkòrí Lágbájá dára lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n nínú fọ́tòkọ́pì ó di àbàwọ́n, bí ẹni pé epo ta sí i. Àpótí búlúù aró pẹ̀lú lẹ́tà funfun nínú náà léwu: bí yíǹkì ẹ̀rọ bá ti ń tán, ìlà funfun á gba àárín ẹ̀ kọjá, á sì gé lẹ́tà sí méjì.

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé sífíì aláwọ̀ púpọ̀ kò dára rárá? Rárá o. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ayàwòrán tàbí ẹni tó ń ṣe pósítà lè fi sífíì ẹ̀ hàn pé òun mọ àwọ̀ lò, torí pé iṣẹ́ náà nìyẹn. Ilé oògùn kọ́ nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa yẹ tiyín wò

Àyẹ̀wò márùn-ún la ṣe fún ẹ̀dà tuntun kí a tó fà á lé Lágbájá lọ́wọ́. Kò sí èyí tó gba owó nínú wọn ju fọ́tòkọ́pì méjì lọ.

Ẹ kọ́kọ́ na sífíì náà jìnnà dé ibi tí apá yín gùn dé, kí ẹ wá di ojú díẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi ṣú. Ẹ ka ìpín tí ẹ rí. Nínú ẹ̀dà tuntun, a rí orúkọ àti ìpín mẹ́rin. Nínú ti àtijọ́, òkìtì kan ṣoṣo la rí, pẹ̀lú òdòdó yíká.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹnì kan tí kò rí i rí, ẹ ka oókan dé eéje, ẹ gbà á padà. Ẹ bi í pé: kí ni orúkọ ẹ̀? Ìwé-ẹ̀rí wo ló ní? Iṣẹ́ wo ló ti ṣe rí? A fún ọmọ kíláàsì wa mẹ́ta ní ẹ̀dà tuntun, méjì dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan gbàgbé ìwé-ẹ̀rí. A fún àwọn mẹ́ta mìíràn ní ti àtijọ́: kò sí ẹni tó rántí iṣẹ́ tó ti ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló rántí òdòdó.

Ẹ fi rúlà wọn máájìnì lórí ìwé tó jáde, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì dúdú àti funfun, kí ẹ tún ṣe fọ́tòkọ́pì fọ́tòkọ́pì yẹn, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe ń rìn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Bí nọ́ńbà fóònù bá ṣì ṣeé kà nínú ẹ̀kejì, ó ti yege.

Ìkẹyìn wà fún ẹni tó máa fi sífíì ránṣẹ́ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ka sífíì, kọ̀ǹpútà náà sì lè da ọ̀rọ̀ tó wà nínú àpótí tàbí nínú òpó méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú sífíì yín, ẹ dà á sínú "Notepad", kí ẹ kà á látòkè délẹ̀. Bí ó bá tò bí ẹ ṣe kọ ọ́, kò séwu. Bí nọ́ńbà fóònù bá bọ́ sáàárín ẹ̀kọ́, tàbí tí kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ yọ àpótí yẹn kúrò. Kí ẹ sì fi í pamọ́ bíi "PDF" kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ìlà má bàa rìn lójú ọ̀nà.

Ohun kan wà tí gbogbo àyẹ̀wò yìí kò lè ṣe. Kò lè sọ Lágbájá di ẹni tó mọ ohun tí kò mọ̀. Ọdún méjì tó fi tajà ní Bódìjà ti wà níbẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan ìwé náà. A kàn gbé e síbi tí ojú lè bá a kí oókan tó di eéje ni.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ní sífíì, ẹ mú un wá sí yàrá ẹgbẹ́ oníròyìn ní ìsinmi ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́dínẹ́sì. Rúlà àti pafọréètọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì ni kí ẹ mú wá, ẹ fi ojúlówó sílẹ̀ nílé.